Ohùn mi kàn ń tún ohun tí àwòrán ti fi hàn sọ ni, ẹ bá mi wò ó (fíìmù aláró Ìtòkú)

Àbẹ̀kẹ́_Aláwòrán kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe dọkumẹ́ńtárì kékeré kan lórí àwọn aláró ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, ìṣẹ́jú méjìlá péré ni mo fẹ́ kó jẹ́. Àwòrán ti wà nílẹ̀, mo sì ti tò wọ́n tán, wọ́n dùn-ún wò. Ohùn tí màá kà sórí ẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Ẹni tí mo fi hàn ní ṣe ló dà bíi pé mò ń ka àwòrán fún afọ́jú. Ẹ wo ibi kan níbẹ̀, ogójì sẹ́kọ́ńdì ni gbogbo ẹ̀, mo ti fi kílíìpù ẹ̀ sísàlẹ̀:

*"Ìyá yìí ń ro aró inú àgbá. Ó ti aṣọ bọ inú ẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa aṣọ náà jáde. Aṣọ náà ní àwọ̀ ewé, nígbà tó yá ó di búlúù. Ó wá sá a sórí okùn."*

Báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ tó fi máa fi nǹkan kún àwòrán? Ẹ jọ̀ọ́.

Sọ́jí_Lẹ́ǹsì:

Yọ gbogbo ẹ̀ dànù. Mi ò ṣàwàdà o. Tí àwòrán bá dáa kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa sọ̀rọ̀ lé e lórí, jẹ́ ká gbọ́ omi, ká gbọ́ ọ̀pá nínú àgbá, ká gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí. Gbogbo ohùn tí wọ́n ń kà sórí fíìmù, ọ̀lẹ ni, ẹni tí ò mọ àwòrán yà ló ń sá lọ síbẹ̀.

BàbáRédíò:

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹ kú àtinúdá. Mo ti ṣiṣẹ́ rédíò tipẹ́, èmi ò rí ohun tó burú nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, àfi pé ó gbẹ. Ẹ fi adùn sí i. Ẹ ní "ìyá yìí ń ro aró", aró wo? Aró tó dúdú mìnìjọ̀, tó ń hó kútúkútú. Ọwọ́ ìyá ńkọ́, ṣé ẹ ò rí i pé ó ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ ni? Ẹ sọ ọ́! Èèyàn gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú etí. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa nídìí máíkì nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Aláwòrán:

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Àmọ́ wọ́n ti ń rí ọwọ́ ìyá náà nínú àwòrán ni, ó tóbi gbàgàdà lójú fídíò, òun gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Màmá_Ẹ́dítì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bàbá Rédíò, ẹ ò jẹ̀bi sà, rédíò ò ní ojú ni, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ yáni ní ojú. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà kan fún àwọn tí ò ríran, irú ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ló máa kọ, lọ́tọ̀ sí ti fíìmù. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó síwájú fídíò ti rí ọwọ́ dúdú yẹn kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí ohùn bá wá tún un sọ, etí ẹ̀ máa di, kò sì ní ṣí mọ́ títí ẹ ó fi dé ibi tẹ́ ẹ ti ní nǹkan gidi láti sọ. Aburú ẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé gbólóhùn yẹn ò dáa, ó ń ba èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́ ni.

Àbẹ̀kẹ́, mo ti wo kílíìpù ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń pa ohùn fídíò náà, màá wò ó, màá kọ gbogbo ohun tí ojú mi rí sí apá kan ìwé. Apá kejì, màá kọ ohun tí ojú ò lè rí láéláé, bí kámẹ́rà tiẹ̀ dáa tó. Bí àpẹẹrẹ, ó ti pẹ́ tó tí aró yẹn ti wà nínú àgbá? Kí ló fà á tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Èló ni? Ta ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ níbí kí kámẹ́rà tó dé? Apá kejì yẹn nìkan ni mo ti máa ń mú ọ̀rọ̀. Gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó o kọ, apá kìíní ni gbogbo wọn wà.

Ó wá kù sí pé kó o mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan o. Nínú ogójì sẹ́kọ́ńdì tìrẹ yìí, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí ojú ń rí ṣùgbọ́n tí ojú ò mọ ìdí ẹ̀: aṣọ tó jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó wá ń di búlúù lójú wa. Ìwọ sọ pé "nígbà tó yá ó di búlúù". A rí i! Ohun tá ò rí ni pé afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Torí náà kọ èyí:

*"Ohun tó wà nínú àgbá yìí kò tíì di búlúù. Afẹ́fẹ́ ló máa parí ẹ̀."*

Ó tán. Ibi tó o máa gbé e sí ló ṣe kókó jù. Má kà á sórí ibi tí aṣọ ti ń jáde. Kà á síwájú, nígbà tí ìyá ṣì ń fi ọ̀pá tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, kó o wá panu mọ́. Nígbà tí aṣọ bá jáde, olùwòran á ti máa dúró dè é, á máa wá ìyípadà yẹn fúnra ẹ̀, á sì rí i. Tó o bá kà á sórí ẹ̀ gan-an, ìwọ lo rí i fún un. Sọ́jí, ibi tí ìdákẹ́ tìẹ ti wúlò nìyẹn, ṣùgbọ́n láìsí gbólóhùn tó ṣáájú ẹ̀, ẹni tí kò mọ aró á kàn rí aṣọ tútù lórí okùn ni.

Sọ́jí_Lẹ́ǹsì:

Hmm. Màmá, mo gbà fún yín lórí afẹ́fẹ́ yẹn. Àmọ́ mi ò tíì gbà pé ohùn pọn dandan. Tẹ́ ẹ bá máa sọ̀rọ̀, ó kéré tán ẹ má dárúkọ ohun tó bá wà lójú fídíò rárá. Òfin tèmi nìyẹn.

Màmá_Ẹ́dítì:

Òfin yẹn sún mọ́ ọn, kò tíì bọ́ síbẹ̀. Ohun kan lè wà lójú fídíò kí ẹni tó ń wò ó má mọ̀ ọ́n. Ní ìṣẹ́jú kẹrin fíìmù Àbẹ̀kẹ́, àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, àwọn òpó tó tò lẹ́sẹẹsẹ wà lára ẹ̀. Tó o bá sọ pé "òpó wà lára aṣọ yìí", o ti fi àkókò wa ṣòfò. Tó o bá sọ pé *"Òpó Gbọ̀ngàn Mápó nìyí. Ìbàdàndùn là ń pe aṣọ náà"*, ojú ẹni tí kò mọ̀ á padà sórí aṣọ náà láti tún un wò. Ìwọ̀n tèmi nìyẹn: lẹ́yìn gbólóhùn náà, ṣé ojú padà sórí àwòrán àbí ó kúrò níbẹ̀?

Ẹ̀gbá_Lẹ́nu:

Ẹ kú ìjókòó o. Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí, ìyá ìyá mi re aró. Màmá, ẹ sọ òótọ́ lórí afẹ́fẹ́ yẹn, àmọ́ Àbẹ̀kẹ́ ẹ rọra o, ẹ lọ bi ìyá tẹ́ ẹ yà kẹ́ ẹ tó kà á. Aró tí wọ́n fi ewé èlú ṣe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, aró òyìnbó tó jọ ọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi dáì ló wà lọ́jà báyìí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má lọ ti ẹnu àwòrán sọ ohun tí kì í ṣe.

Èkejì, nínú kílíìpù tẹ́ ẹ fi síbí, ẹ wo ẹ̀yìn ìyá náà lápá òsì. Ṣé ẹ rí rọ́bà funfun tí wọ́n fi ọ̀rá dé lẹ́nu? Ó dá mi lójú, sódà ni, kọ́sítíìkì sódà. Láyé àtijọ́ eérú ni wọ́n máa ń sẹ́ omi ẹ̀ fún èlú, á sì wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó gbà, ìkòkò míì tiẹ̀ lè kọ̀. Sódà àti aró òyìnbó ló wá dín ìyọnu yẹn kù. Ẹ wá mọ̀ pé sódà yẹn dá ìjà ńlá sílẹ̀ nílùú yìí? Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, òun àti aró òyìnbó, wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́ tí àwọn oníbàárà ń ráhùn. Àwọn aláró ò gbà, wọ́n jà á títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ ìjọba òyìnbó. Àwọn obìnrin nìyẹn o, ṣáájú ìgbà tí gbogbo ayé ń gbọ́ nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti owó orí. Nǹkan yẹn wà nínú àwòrán yín, ẹ ò mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Aláwòrán:

Háà! Mi ò rí rọ́bà yẹn rárá. Mo ti pe ìyá náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan yìí, ó ní sódà ni lóòótọ́, aró òyìnbó ló sì lò fún aṣọ yẹn, ìyẹn èyí tó ń jáde ní àwọ̀ ewé. Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti tún un kọ, ẹ wò ó:

*"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń re aró. Ìyá Mapó ni òrìṣà tí wọ́n gbà pé ó ni iṣẹ́ náà. Ewé èlú àti omi eérú ni wọ́n ń lò, kó tó di pé kọ́sítíìkì sódà dé. Ní àwọn ọdún 1930 Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, ṣùgbọ́n àwọn aláró kọ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba òyìnbó. Lónìí sódà wà ní gbogbo àgbàlá, bí afẹ́fẹ́ sì ti ń kan aṣọ ló ń yí padà láti àwọ̀ ewé sí búlúù, èyí tó fi ọgbọ́n àwọn ìyá wa hàn."*

Ṣé ó ti dáa báyìí?

Dékúnlé_Òde:

Èyí dùn o, èmi fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà níwọ̀n ìgbà tá a wà níbẹ̀. Fídíò ìsìnkú ni mo máa ń ṣe, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, wọ́n á kó fọ́tò fún mi, èmi á máa ká ohùn sí i: "Bàbá nìyí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Bàbá nìyí pẹ̀lú ọ̀kadà wọn. Bàbá nìyí níbi ìkómọ." Àwọn ẹbí máa ń sunkún dáadáa síbẹ̀. Ṣé èyí náà ò dáa ni?

Màmá_Ẹ́dítì:

Dékúnlé, àwọn ẹbí ń sunkún torí pé bàbá wọn ni, wọn ìbá sunkún tó o bá dákẹ́ náà. Èrò ìta tó wá síbi ìsìnkú ni kó o máa fi wọn ohùn ẹ. Bi ìyàwó bàbá nípa ọ̀kadà yẹn: ta ló ni ín, ibo ló ń gbé e lọ, ìgbà wo ló tà á? Ohun tó bá sọ ni kó o kà. "Bàbá nìyí pẹ̀lú ọ̀kadà wọn", a ti rí ọ̀kadà. Ká padà sórí Àbẹ̀kẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, o ti sá fún ẹkùn, o wá bọ́ sẹ́nu kìnnìún. Ti àkọ́kọ́, àwòrán lò ń tẹ̀ lé bí òjìji. Èyí, o ti pa àwòrán tì pátápátá, tá a bá fi dúdú lásán sójú fídíò kò sí ohun tó máa dín kù nínú ẹ̀. Ìwé ni, kì í ṣe ohùn fíìmù. Gbìyànjú ẹ̀ wò: di ojú ẹ, kà á. Tí gbogbo ẹ̀ bá yé ọ láìsí àwòrán, a jẹ́ pé àwòrán ò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ohùn tó dáa, tó o bá gbọ́ ọ láìwo fídíò, ó máa ń dà bíi pé nǹkan kan ṣẹ́ kù. "Afẹ́fẹ́ ló máa parí ẹ̀." Parí kí ni? O gbọ́dọ̀ lajú.

Ó tún pọ̀ jù. Ìyá Mapó, èlú, eérú, sódà, Aláké, òyìnbó, afẹ́fẹ́, ọgbọ́n àwọn ìyá wa, gbogbo ẹ̀ nínú ogójì sẹ́kọ́ńdì. Ka a síta kó o fi fóònù wọn ọ́n. Èmi kà á bó ṣe yẹ kí wọ́n kà á, ogójì ò tó o rárá, n kì bá tiẹ̀ ráyè mí. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń ní ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta fún sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ má fi ìyẹn ṣírò Yorùbá o, torí "ó" ọ̀rọ̀ kan ni, "ń" náà ọ̀rọ̀ kan ni, ìṣirò yẹn á tàn yín jẹ. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ìdákẹ́ láàárín. Fún ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti ń lọ lọ́wọ́ báyìí, èmi kì í jẹ́ kí ohùn gba ju ìdajì àkókò náà lọ.

Gbólóhùn ìparí yẹn, "èyí tó fi ọgbọ́n àwọn ìyá wa hàn", yọ ọ́. Ìwọ lo ń pàtẹ́wọ́ fún fíìmù ara ẹ.

Ẹ̀bùn ńlá ni Ẹ̀gbá_Lẹ́nu fún ọ pẹ̀lú rọ́bà yẹn, má kó o mọ́ àwọn tó kù. Èmi á tò ó báyìí. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, omi àti ọ̀pá nìkan. Nígbà tí ìyá bá ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, gbólóhùn méjì afẹ́fẹ́ yẹn. Aṣọ jáde, ó yípadà, ìdákẹ́. Ó wá ń sá a. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni kó o gé lọ síbi tí rọ́bà funfun ti hàn gbangba. Ṣé o ní ṣọ́ọ̀tì rọ́bà yẹn nítòsí?

Àbẹ̀kẹ́_Aláwòrán:

Mo ní ọ̀kan tí mo yà láti ẹ̀yìn, ìyá ń bu nínú ẹ̀ sínú ike kékeré kan, ó fi aṣọ dì í lọ́wọ́ kó má baà jó o. Mo ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rò pé kò wúlò.

Màmá_Ẹ́dítì:

Òun gan-an! Lórí ṣọ́ọ̀tì yẹn:

*"Sódà ni. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké ní kí aláró kankan má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́."*

Jẹ́ ká wo ìyá náà kó bu ú tán. Gé lọ sí ọjà Ìtòkú tí aṣọ kún fọ́fọ́:

*"Àwọn aláró ò gbà."*

Ó parí. Wo iṣẹ́ tí àwòrán ṣe níbẹ̀: ìwọ ò sọ pé wọ́n ṣì ń lò ó, a ń wò ó lọ́wọ́ ìyá. Ìwọ ò sọ pé iṣẹ́ náà ò parun, ọjà ló sọ ọ́. Gbólóhùn kan ń bá àwòrán jiyàn, ìyẹn ni ìtumọ̀ fi jáde láàárín àwọn méjèèjì. Èlú àti eérú, wá ibòmíì fún wọn, ó ṣeé ṣe kó o ní ìyá àgbà kan tó máa fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, ìyẹn dáa ju ohùn ẹ lọ. Ìyá Mapó, tí kò bá sí ohun kankan nínú àwòrán tó kàn án, fi í sílẹ̀ o jàre.

Ẹ̀gbá_Lẹ́nu:

Ó dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. "Àwọn aláró ò gbà", kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan wà tí wọ́n ka sódà sí ohun tó ń ba orúkọ iṣẹ́ jẹ́. Ìyá ìyá mi gan-an máa ń yínmú sí i. Tẹ́ ẹ bá kà á bẹ́ẹ̀, ẹ ti sọ gbogbo wọn di ẹnu kan.

Màmá_Ẹ́dítì:

O gbá mi mú. "Ọ̀pọ̀ aláró ò gbà"? Ó kú díẹ̀ sí i létí, àmọ́ ó sún mọ́ òótọ́ jù. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni kó o pinnu, orúkọ ẹ ló wà lórí ẹ̀.

Sọ́jí_Lẹ́ǹsì:

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn gan-an, ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn ohùn. Chris Marker, ará Faransé, ṣe fíìmù kan ní Saibéríà ní 1957, ó lo àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlú Yakutsk, bọ́ọ̀sì kan, mọ́tò kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún títì ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ó ka ohùn tó yin ìjọba Sófíẹ́tì, ẹ̀ẹ̀kan ó ka èyí tó bú u, ẹ̀ẹ̀kan ó ka èyí tó wà láàárín. Àwòrán ò yí padà rárá o! Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wàá sì gbà á gbọ́. Tí ohùn bá ti lágbára tó yẹn, ta ló ní ká máa "fi ìtumọ̀ kún" nǹkan tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní jẹ́ẹ́jẹ́ wọn?

Màmá_Ẹ́dítì:

Òótọ́ ni, mi ò ní bá ẹ jiyàn lórí agbára ẹ̀. Ṣùgbọ́n Sọ́jí, bó o ṣe gé e náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. O gé ojú ìyá náà mọ́ owó lọ́wọ́ oníbàárà, o ti sọ̀rọ̀, o ò kàn lanu ni. Ohùn tiẹ̀ dáa díẹ̀ níbẹ̀ torí a lè bi ọ́ pé "ta ló sọ fún ọ?" Lórí iwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé mi, mo máa ń kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún mi tàbí ibi tí mo ti kà á. Èyí tí mi ò bá rí orúkọ kọ sí, mo pa á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èyí tó bá ń kú bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ọkàn ni: "inú ìyá dùn", "ó ń rántí ìgbà àtijọ́". Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá lè máa ronú nípa ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Bi í, kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Aláwòrán:

Ẹ jọ̀ọ́ mo ní "ó ń rántí ìyá ẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́" ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án 😩 Ó máa lọ. Ìbéèrè míì: ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, onídùndún kan ń lù lẹ́nu ọjà, mo fi ohùn mi sórí ẹ̀, mo sì rẹ ìlù náà sílẹ̀. Ṣé kò burú?

BàbáRédíò:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí. Ní rédíò, orin gbọ́dọ̀ relẹ̀ fún ọ̀rọ̀, òfin wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n dùndún kì í ṣe orin lásán! Ó ń pe orúkọ ènìyàn, ó ń ki wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lé e, ẹ ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, ẹni tó gbọ́ ìlù á máa gbọ́ ohùn méjì pọ̀, kò sì ní gbọ́ ìkankan. Ẹ jẹ́ kó parí gbólóhùn ẹ̀, àlàfo á wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọlé. Tí àgbà onílù kan bá wà nítòsí, ẹ fi hàn án kó sọ ohun tí ìlù náà ń wí fún yín. Ó lè jẹ́ pé ìlù yẹn ti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ.

Sọ́jí_Lẹ́ǹsì:

Bàbá, mélòó nínú wa ló gbọ́ ìlù mọ́? Ọmọ Èkó tó ń wò ó lórí fóònù, ìró ló gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kà á lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ̀gbá_Lẹ́nu:

Ará Ìtòkú á mọ̀. Wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá_Ẹ́dítì:

Èmi wà lẹ́yìn Bàbá lórí èyí. Àmọ́ Sọ́jí ò sọ ìsọkúsọ, mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ ohun tí ìlù ń wí sísàlẹ̀ fídíò dípò kí wọ́n sọ̀rọ̀, ó lọ dáadáa, ó sì tún gba ojú kúrò lórí ọwọ́ onílù. Mi ò tíì mọ èyí tó sàn jù.

Dékúnlé_Òde:

Mo ti bi ìyàwó bàbá ọlọ́kadà o. Ó ní ọ̀kadà yẹn kì í ṣe tiwọn, ọ̀rẹ́ wọn ló ni ín, wọ́n kàn yá a ya fọ́tò láti fi tan òun kí òun lè gbà láti fẹ́ wọn 😂😂 Àwọn ọmọ ò mọ̀ rí! Wọ́n ní kí n má kà á.

Màmá_Ẹ́dítì:

😂 Kọ ọ́ sí ìwé kó o fi fún ìyá náà kó kà á fúnra ẹ̀. Tí òun bá kà á, kò sí ọmọ tó máa ní kí wọ́n yọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Aláwòrán:

Mo ti tún ogójì sẹ́kọ́ńdì yẹn ṣe bí Màmá ṣe tò ó, mo ní "ọ̀pọ̀ aláró ò gbà", ó gba sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàdínlógún, ìyókù ìdákẹ́. Ó kù ẹyọ kan: ṣé kí n kà á ní Yorùbá àjùmọ̀lò àbí kí n fi Ẹ̀gbá kà á? Àwọn ìyá ń sọ Ẹ̀gbá ní gbogbo fíìmù náà, ohùn mi wá dà bí ti ẹni tó ń ka ìròyìn ní tẹlifíṣọ̀n láàárín wọn.

Ẹ̀gbá_Lẹ́nu:

Ṣé ọmọ Ẹ̀gbá ni yín? Tẹ́ ò bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀ka-èdè àyáwò máa ń hàn ní gbólóhùn àkọ́kọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Aláwòrán:

Ìjẹ̀bú ni mí 🙈

BàbáRédíò:

Nígbà náà ẹ kà á bẹ́ ẹ ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nílé, ẹ jókòó súnmọ́ máíkì, kẹ́ ẹ mú ohùn ìròyìn kúrò. Ẹ kà á fún ẹnì kan tó jókòó níwájú yín, ẹ má kà á fún bébà.

Màmá_Ẹ́dítì:

Èmi á ní kó o wá ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ní ohùn, kó o fún un kó kà á. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀, torí ìwọ lo lọ síbẹ̀, ìwọ lo béèrè, ohùn ẹlòmíì á wá máa sọ ohun tí ojú ẹ rí. Gba ohùn méjèèjì sílẹ̀, kó o fi síbí ká gbọ́.